Mo san owó oṣù Òkúdu lọ́jọ́ rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n kọ ìtanràn 5,377 sẹ́fà sí ìwé ìṣirò mi

Aláṣọ Wàǹdó (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Mo yá 600,000 sẹ́fà lọ́wọ́ ilé ẹ̀yáwó kékeré kan níhìn-ín ní Àjàṣẹ́ ní ọjọ́ 5 oṣù Ṣẹ́rẹ́, láti fi kún ọjà aṣọ mi. Oṣù 12 ni a jọ fi àdéhùn sí. Lóṣooṣù, mo ní láti san 50,000 nínú ojú owó, pẹ̀lú èlé 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ojú owó tó bá ṣẹ́ kù, kò sì gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 5 oṣù. Mo san ti oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ bó ṣe yẹ. Ti oṣù Èbìbí, tí í ṣe 56,750, ni ó pẹ́ lọ́wọ́ mi: ọjọ́ 11 ni mo fi ránṣẹ́ láti orí fóònù. Ṣùgbọ́n ti oṣù Òkúdu, tí í ṣe 56,000, ọjọ́ 5 gan-an ni mo gbé e lọ síwájú akápò.

Nígbà tí mo gba ìwé ìṣirò mi, ohun tí mo bá nínú rẹ̀ nìyí. Lábẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, iye tí mo san ló ṣáájú, lẹ́yìn náà ìtanràn, èlé, iye tó lọ sórí ojú owó, àti ojú owó tó ṣẹ́ kù:

```
16/05  VERSEMENT           56 750
       PÉNALITÉS RETARD     3 300
       INTÉRÊTS             6 750
       CAPITAL             46 700
       SOLDE CAPITAL      403 300
05/06  VERSEMENT           56 000
       PÉNALITÉS RETARD     5 377
       INTÉRÊTS             6 050
       CAPITAL             44 573
       SOLDE CAPITAL      358 727
```

Mo gbà pé ìtanràn yẹ fún oṣù Èbìbí. Èyí tí kò yé mi ni ti oṣù Òkúdu tí n kò pẹ́ rárá, tí ó sì tún ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lórí àtẹ ìsanpadà tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ tí mo gba owó, 350,000 ni ó yẹ kí ó ṣẹ́ kù báyìí. Òṣìṣẹ́ tí mo bi léèrè dá mi lóhùn pé ẹ̀rọ ló ṣírò rẹ̀, ẹ̀rọ kì í sì í ṣìnà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún wọn?

Ọmọ Ìlárá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bá wọn ṣàlàyé púpọ̀. Ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ń ná sẹ́fà ti fi òpin sí èlé láti ọdún 2014: 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún fún báǹkì, 24 fún àwọn ilé ẹ̀yáwó kékeré. Èlé tiyín jẹ́ 1.5 lóṣù, èyí tí í ṣe 18 lọ́dún. Bí ẹ bá fi ìtanràn wọ̀nyí kún un, ó ti kọjá 24 pátápátá, ìyẹn ni pé wọ́n ti rú òfin. Ẹ dáwọ́ ìsanwó dúró títí wọn yóò fi ṣàtúnṣe; ìgbà náà ni wọn yóò tó gbọ́ yín.

Olùkọ́ Ṣábẹ

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Báǹkì tí owó oṣù mi ń gbà wọlé yọ 4,200 sẹ́fà ní ìparí oṣù mẹ́ta, wọ́n sì kọ `AGIOS` síwájú rẹ̀. Wọ́n tún yọ 420 lábẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ `TAF`. N kò yá owó kankan lọ́wọ́ wọn. Èmi rò pé ohun kan náà ni tèmi àti ti ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí a jọ kọ̀wé.

Akọ̀wé Ìṣirò (Kétu)

Mo ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú ẹgbẹ́ àjẹsẹ́kù àti ẹ̀yáwó kan, iṣẹ́ mi sì ni láti yẹ irú ìwé báyìí wò. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jọ̀ọ́, Aláṣọ Wàǹdó, ẹ ṣí ìwé àdéhùn yín sí ibi tí wọ́n ti mẹ́nu ba ìtanràn, kí ẹ sì kọ ohun tí ó wà níbẹ̀ fún wa. Lórí kí ni wọ́n ní àwọn yóò ti ṣírò rẹ̀: lórí owó oṣù tí ó pẹ́ ni, àbí lórí gbogbo gbèsè tí ó ṣẹ́ kù? Gbogbo ọ̀rọ̀ wà nínú gbólóhùn kan yẹn.

Olùkọ́ Ṣábẹ, ọ̀tọ̀ ni tiyín. Èlé tí báǹkì ń gbà nígbà tí àkáǹtì bá lọ sábẹ́ òdo ni wọ́n kọ yẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọjọ́ díẹ̀ péré. Ẹ wo àwọn ọjọ́ tí ẹ gba owó jáde kí owó oṣù yín tó wọlé, kí ẹ sì wo `DATE VALEUR`, nítorí ọjọ́ yẹn ni báǹkì ń lò fún ìṣirò, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ dé ẹnu ọ̀nà wọn. 420 yẹn jẹ́ owó orí ìjọba lórí iṣẹ́ ìṣúná, ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí báǹkì gbà. Bí ẹ bá rí i pé 4,200 kò tọ́, tí wọ́n sì dá a padà, ẹ rí i dájú pé 420 bá a padà wá.

Aláṣọ Wàǹdó (Àjàṣẹ́)

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ mi tó gbọ́ Faransé dáadáa ló bá mi kà á. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé owó oṣù èyíkéyìí tí a kò bá san lọ́jọ́ rẹ̀ yóò fa ìtanràn 2 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù lórí owó oṣù náà, a ó máa ṣírò rẹ̀ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, oṣù kan yóò sì máa jẹ́ ọjọ́ 30. Wọ́n tún kọ ọ́ pé owó tí mo bá san yóò kọ́kọ́ lọ sórí ìtanràn, lẹ́yìn náà sórí èlé, kí ó tó kan ojú owó.

Akọ̀wé Ìṣirò (Kétu)

Ẹ ṣeun. Gbólóhùn méjèèjì yìí tó láti fi tú ìwé ìṣirò yín palẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìparí. Ìwé ìṣirò sọ pé 358,727 ló ṣẹ́ kù, àtẹ ìsanpadà sì sọ pé 350,000. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 8,727. Bí ẹ bá ro 3,300 pọ̀ mọ́ 5,377, 8,677 ni. Èyí tó kù jẹ́ 50, òun náà sì ni àlékún tí ó wà lórí èlé oṣù Òkúdu, tí ó yẹ kí ó jẹ́ 6,000 ṣùgbọ́n tí wọ́n kọ 6,050. Ohun tí èyí fi hàn wá ni pé kò sí owó mìíràn tí ó sọnù nínú ìwé náà. Gbogbo àṣìṣe wà nínú ìlà ìtanràn, èlé kàn tẹ̀ lé e ni. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún èèyàn pé kí ó fi àtẹ ìsanpadà àti ìwé ìṣirò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí ó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, nítorí ẹni tí kò mọ iye tí òun ń bèèrè ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ lé padà.

Ẹ wá pín ìtanràn àkọ́kọ́ sí iye ọjọ́. Láti ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 16 oṣù Èbìbí, tí wọ́n kọ pé owó yín wọlé, ọjọ́ 11 ni. 3,300 tí a pín sí 11 jẹ́ 300 lọ́jọ́ kan. Tí a bá sọ ọ́ di oṣù, 9,000 ni, 9,000 sì ni ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún 450,000. Níwọ̀n ìgbà tí 450,000 jẹ́ gbogbo ojú owó tí ó kù lọ́rùn yín lọ́jọ́ náà, a ti mọ ohun tí wọ́n ṣe: orí gbogbo gbèsè ni wọ́n ti ṣírò ìtanràn, nígbà tí ìwé àdéhùn sọ pé orí owó oṣù tí ó pẹ́ ni, ìyẹn 56,750. Ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún èyí jẹ́ 1,135 lóṣù, kò sì pé 38 sẹ́fà lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ 11 ni ẹ sì fi owó ránṣẹ́, kì í ṣe ọjọ́ 16 tí wọ́n kọ; fún ọjọ́ 6 tí ẹ fi pẹ́ lóòótọ́, 227 sẹ́fà ni ìtanràn yín, kì í ṣe 3,300.

Ti oṣù Òkúdu tí ó ń dùn yín jù ni ó kàn. Nínú 56,750 tí ẹ san, ìtanràn kọ́kọ́ mú 3,300, èlé mú 6,750, ohun tí ó kù fún ojú owó sì jẹ́ 46,700 dípò 50,000. Nítorí náà, lójú ẹ̀rọ, ẹ kò tíì san owó oṣù Èbìbí tán; 3,300 ṣì ń bẹ nílẹ̀, ọjọ́ sì ń kà lé e. Láti ọjọ́ 16 oṣù Èbìbí sí ọjọ́ 5 oṣù Òkúdu jẹ́ ọjọ́ 20. Ẹ̀rọ tún gbé ìṣirò rẹ̀ lé gbogbo gbèsè, 403,300, fún ọjọ́ 20 yẹn, ó sì di 5,377. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó san owó lọ́jọ́ rẹ̀ ṣe ń jẹ ìtanràn. Bí ẹ bá tún san 55,250 péré lóṣù Agẹmọ gẹ́gẹ́ bí àtẹ ìsanpadà ṣe wí, ohun kan náà ni yóò ṣẹlẹ̀, yóò sì máa bá a lọ títí ẹ ó fi parí.

Bí wọ́n bá ṣe é bó ṣe tọ́, ẹ ṣì jẹ gbèsè díẹ̀: 227 ti ìtanràn, pẹ̀lú sẹ́fà mélòó kan tí 227 náà fà láti ọjọ́ 11 títí di ọjọ́ 5 oṣù Òkúdu. Gbogbo rẹ̀ kò ju 234 lọ. Nínú 8,727, nǹkan bí 8,493 ni kò yẹ kí wọ́n gbà.

Oníkajú (Ṣábẹ)

Àlàyé yìí dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un. Níbi tí èmi ti yá owó lásìkò kajú, ojú owó oṣù nìkan ni ìtanràn wọn máa ń dá lé, wọn kì í ka èlé mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni níbẹ̀, orí 50,000 ni wọn yóò ti ṣírò, ọjọ́ 6 yóò sì jẹ́ 200 sẹ́fà dípò 227. Kí ẹ̀gbọ́n tún inú ìwé àdéhùn wò kí wọ́n tó kọ iye sínú lẹ́tà.

Akọ̀wé Ìṣirò (Kétu)

Òótọ́ ni, wọn kì í bá ara wọn mu lórí èyí. Ṣùgbọ́n bí Aláṣọ Wàǹdó ṣe kọ ọ́, "owó oṣù èyíkéyìí" ni ìwé tiwọn wí, owó oṣù lórí àtẹ wọn sì jẹ́ ojú owó àti èlé papọ̀. 227 ni èmi yóò kọ.

Ní ti ọ̀rọ̀ Ọmọ Ìlárá, òpin 15 àti 24 tí ó sọ jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi ń wọn òpin yẹn ni èlé àti àwọn owó mìíràn tí ayánilówó gbà lórí ẹ̀yáwó fúnra rẹ̀, irú bí owó ìwé. Ìtanràn ẹni tí ó pẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá fi ìyẹn síwájú nínú lẹ́tà, wọn yóò fi àríyànjiyàn òfin dá yín lóhùn, wọn kò sì ní dé orí 300 sẹ́fà lọ́jọ́ kan tí wọn kò lè gbèjà.

Ẹ má sì dáwọ́ ìsanwó dúró. Lónìí, àṣìṣe wà lọ́wọ́ wọn. Bí ẹ kò bá san ti oṣù Agẹmọ, ẹ ti fún wọn ní ìdádúró tòótọ́ tí wọ́n lè gba ìtanràn lé lórí lọ́nà ẹ̀tọ́.

Ọmọ Ìlárá

Mo gbọ́ ti òpin èlé. Ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ èyí tí ẹ sọ nípa ìsanwó. Mo mọ obìnrin kan ní Pobẹ̀ tí ó ń san owó lọ ní gbogbo ìgbà tí ó fi ń ráhùn, ohun tí wọ́n sì sọ fún un lẹ́yìn náà ni pé sísan tí ó ń san fi hàn pé ó gba ìṣirò wọn. Kí ni ẹni bẹ́ẹ̀ yóò ṣe?

Akọ̀wé Ìṣirò (Kétu)

Ẹ béèrè ohun tó tọ́. Kí ẹni bẹ́ẹ̀ san iye tí ó wà lórí àtẹ ìsanpadà àti iye tí òun fúnra rẹ̀ gbà pé òun jẹ, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó san pé òun kò gba ìtanràn tí ó kù. Fún Aláṣọ Wàǹdó, 55,250 ti oṣù Agẹmọ àti 234 ni, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 55,484. Lẹ́tà tí ó ṣáájú ìsanwó ni kò ní jẹ́ kí wọ́n pe ìsanwó ní ìfaramọ́.

Lẹ́tà náà kò gbọdọ̀ gùn. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀yáwó yín, ẹ tọ́ka sí ìlà méjèèjì pẹ̀lú ọjọ́ àti iye wọn, ẹ da gbólóhùn inú ìwé àdéhùn kọ bí ó ṣe wà gan-an, kí ẹ sì fi ìṣirò yín sí ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ bèèrè: kí wọ́n tún ọjọ́ ìsanwó kọ sí 11 oṣù Èbìbí, kí wọ́n tún ìtanràn ṣírò lórí 56,750, kí wọ́n sì dá àjùlọ padà sórí ojú owó. Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí èyí tí yóò kù lọ́wọ́ yín, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i, kí ẹni tí ó gbà á sì fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá ní kí ẹ kàn fi í sílẹ̀ lórí tábìlì, ẹ má gbà.

Bí wọ́n bá ṣèlérí pé àwọn yóò tún un ṣe nígbà tí ẹ bá ń san èyí tó kẹ́yìn, ẹ dá wọn lóhùn pé ẹ fẹ́ rí i lórí ìwé ìṣirò tó ń bọ̀. Àtúnṣe tòótọ́ máa ń ní ìlà tirẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, `EXTOURNE` ni wọ́n ń kọ síwájú rẹ̀, pẹ̀lú iye kan náà tí wọ́n ti yọ tẹ́lẹ̀. Bí wọn kò bá dáhùn rárá, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó àwọn ilé ẹ̀yáwó kékeré ní Bẹ̀nẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ `ANSSFD`, ni ẹ ó kọ̀wé sí, pẹ̀lú ẹ̀dà tí òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀.

Olówó Orí Fóònù (Àjàṣẹ́)

Iṣẹ́ fífi owó ránṣẹ́ lórí fóònù ni mo ń ṣe, nítorí náà mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ọjọ́ 11 àti ọjọ́ 16. Ní ìṣẹ́jú tí oníbàárà bá ti tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀, owó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti wọ àpamọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tí ó san án fún. Ohun tí ń pẹ́ ni kí ẹni kan ní ilé iṣẹ́ náà wo àkójọ àwọn tí wọ́n sanwó, kí ó sì kọ ọ́ sí orúkọ oníbàárà. Ní àwọn ẹ̀ka kékeré, ọwọ́ ni wọ́n ń fi kọ ọ́, ó sì lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ẹ̀gbọ́n má pa àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn rẹ́. Ọjọ́ àti wákàtí wà níbẹ̀, nọ́ńbà ìdúnàádúrà sì ni wọn yóò fi wá owó náà rí lọ́dọ̀ tiwọn. Bí fóònù bá ti sọnù, kí ẹni náà tètè bèèrè àkójọ ìdúnàádúrà rẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ fóònù.

Oníkajú (Ṣábẹ)

Ó dára, ṣùgbọ́n àwọn kan ń kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ọjọ́ tí àwọn bá kọ owó sílẹ̀ ni àwọn yóò kà. Bí ó bá wà níbẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ kò lè ràn yín lọ́wọ́ púpọ̀.

Aláṣọ Wàǹdó (Àjàṣẹ́)

Ọmọ mi ti wò ó dé ìparí, kò sí ohunkóhun nípa ọjọ́ ìsanwó orí fóònù nínú ìwé náà. A ti kọ lẹ́tà, wọ́n sì ti lu òǹtẹ̀ sí i.

Aláṣọ Wàǹdó (Àjàṣẹ́)

Mo padà wá jábọ̀ fún yín. Ọ̀gá ẹ̀ka fúnra rẹ̀ ló pè mí. Nígbà tí ó rí ibi tí a ti pín 3,300 sí ọjọ́ 11, tí ó di 300 lọ́jọ́ kan, kò jiyàn mọ́. Ó ní orí gbogbo gbèsè ni wọ́n ti fi ìṣirò ìtanràn sí nínú ẹ̀rọ fún irú ẹ̀yáwó tèmi. Wọ́n ti fún mi ní ìwé ìṣirò tuntun kí ọjọ́ ìsanwó oṣù Agẹmọ tó pé. `EXTOURNE` wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, 3,300 àti 5,377. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ìtanràn tuntun, 416 sẹ́fà, nítorí wọ́n ní ọjọ́ 16 ni owó mi wọlé lọ́dọ̀ àwọn. Ojú owó tí ó kù lórí ìwé báyìí jẹ́ 350,466. Ṣé kí n gbà á bẹ́ẹ̀?

Akọ̀wé Ìṣirò (Kétu)

Ẹ kú oríire fún èyí tí ó ti padà. 416 ni ìtanràn ọjọ́ 11 lórí 56,750, nítorí náà ìṣirò wọn ti tọ̀nà báyìí. Ọjọ́ nìkan ni ẹ̀ ń bá ara yín jiyàn lé, 189 sẹ́fà ni ìyàtọ̀ rẹ̀. Bí ìwé àdéhùn kò ti sọ ohunkóhun, èmi rò pé ọjọ́ 11 ni ó yẹ kí ó dúró, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé wọn kò ní ohun tí wọn yóò fi dáhùn. Mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ náà kọ̀wé lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí bí ẹ bá ń bá a lọ láti sanwó lórí fóònù, ọ̀rọ̀ ọjọ́ márùn-ún yìí yóò tún padà wá.

Oníkajú (Ṣábẹ)

Ẹ tún wo 350,466 yẹn dáadáa. 350,000 àti 416 ni ó jẹ́, pẹ̀lú 50. 50 náà ni èlé tí wọ́n gbà lóṣù Òkúdu lórí 3,300 tí àwọn fúnra wọn ti gbà pé ẹ kò jẹ. Wọ́n dá ìtanràn padà, wọn kò dá èlé rẹ̀ padà.

Aláṣọ Wàǹdó (Àjàṣẹ́)

Òótọ́ ni, 6,050 ṣì wà níbẹ̀ bí ó ṣe wà. Mo ń fi í kún lẹ́tà kejì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọjọ́ 11. Màá san 55,484 lọ́jọ́ 5 níwájú akápò, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lu òǹtẹ̀ sí lẹ́tà náà.